Bí ríyàlì bá gbówó lórí, ẹ má tíì dín owó Ìyá Àgbà kù

Nílé àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Al-Hujun ní Mẹ́kà, àti nílé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Jẹ́dà, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí wa kì í gbàgbé kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́ sílé: "Èló ni ríyàlì lónìí?" Tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti gbówó lórí, inú wọn á dùn. Wọ́n á ní ẹrù ti fúyẹ́ díẹ̀ nìyẹn, nítorí ríyàlì tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ ti lè di iye náírà tí Ìyá Àgbà máa ń gbà lóṣooṣù. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwa ọ̀dọ́ tètè mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ wa ni iṣẹ́ náà ń bọ̀.

Ríyàlì fúnra rẹ̀ kì í sábà yí padà. Láti ọdún 1986 ni ìjọba Sàúdíà ti so ó mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà: ríyàlì 3.75 ni dọ́là kan. Nítorí náà, tí a bá gbọ́ pé ríyàlì ti gbówó lórí ní Nàìjíríà, náírà ló wálẹ̀. Ẹ fi 3.75 pín iye náírà tí wọ́n ń ta dọ́là kan, ẹ ó mọ iye tí ríyàlì kan yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún náà, iye méjì ni dọ́là ní. Ní báǹkì, ó jẹ́ nǹkan bíi náírà 470, èyí tó sọ ríyàlì kan di náírà 125. Lọ́wọ́ àwọn abókí, dọ́là jẹ́ nǹkan bíi 750, ríyàlì kan sì jẹ́ 200. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sá fún báǹkì nígbà yẹn, tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn tí òfin Sàúdíà kò fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jáwọ́ nínú iye tó ń dì mú, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, dọ́là ti tó nǹkan bíi 1,500 ní báǹkì pàápàá. Ríyàlì kan wá di náírà 400.

Ká mú ìdílé kan ní Ìbàdàn bí àpẹẹrẹ. Ká ní ríyàlì 500 ni ọmọ wọn tó wà ní Mẹ́kà ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, náírà 100,000 ni Ìyá Àgbà ń gbà lọ́wọ́ abókí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ríyàlì 500 yẹn kan náà ti di 200,000. Ọmọ náà wá rò ó pé: "Ṣebí 100,000 ni Màmá ń ná? Ríyàlì 250 ti tó nìyẹn." Aláàtì tó dé sórí fóònù Màmá kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ohunkóhun dín kù.

Ṣùgbọ́n ọjà kò dúró dè wọ́n. Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà kéde pé owó oúnjẹ oṣù Kẹta ti fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti oṣù Kẹta ọdún tó ṣáájú. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí Màmá ń fi 100,000 rà tẹ́lẹ̀ ti di 140,000. Tí a bá fi 400 pín in, ríyàlì 350 ni. Nítorí náà, ọmọ yẹn lè dín owó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n 350 ló yẹ kó dúró sí. Ẹni tó lọ sí 250 ti yọ oúnjẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láìmọ̀.

Ríyàlì 150 tó ṣẹ́ kù ńkọ́? A ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, torí náírà náà máa ń gbéra. Ní oṣù Kẹrin 2024, fún ìgbà díẹ̀, dọ́là wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1,150, ríyàlì kan sì di 307. Ríyàlì 350 kò tó 108,000 mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjà kò padà sí iye àtijọ́. Kí Ìyá Àgbà tó rí 140,000, ó gbọ́dọ̀ tó ríyàlì 456. Ẹni tó tọ́jú 150 lóṣù mélòó kan kò ní wá ohun tí yóò ṣe tì. Ẹni tó ti ná an ni yóò máa pariwo pé náírà ti da òun láàmú.

A kò sọ pé àwọn òbí wa ń ṣahun. Owó orí ọjà ti di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ní Sàúdíà láti oṣù Keje 2020. Owó tí òṣìṣẹ́ àjèjì ń san lórí ìyàwó àti ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ríyàlì 100 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2017, ó sì di 400 ní 2020. Àwa gan-an wà lára ẹni tí wọ́n ń san án lé lórí. Ìdí tí wọ́n fi ń wá ibi tí wọn yóò ti rẹ́ owó kù kò ṣòro láti mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ìṣirò yẹn kò fi hàn. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ náírà 30,000 láti 2019 títí di oṣù Keje 2024, kó tó di 70,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, 30,000 yẹn jẹ́ ríyàlì 150 lọ́wọ́ abókí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti di ríyàlì 75. Aládùúgbò tí kò ní ọmọ nílẹ̀ òkèèrè ni ìyà náà jẹ jù, ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà ló sì ń wá. Nígbà tí náírà bá wálẹ̀, àwọn tó ń jẹ nínú owó tí a fi ránṣẹ́ máa ń pọ̀ sí i.

Màmá kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń pè ní ọjọ́ kejìlá oṣù dípò ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, tó ń fi kóńgò ra ìrẹsì dípò àpò, tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ìdajì páálí, tàbí tó ń gba àwìn lọ́wọ́ ìyá elépo, owó náà kò tó mọ́ nìyẹn, iye yòówù kí aláàtì kà.

Ohun tí a fẹ́ kí àwa ọmọ máa ṣe kò le. Ìdá ogójì yẹn jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà, oúnjẹ nìkan ló sì wà fún. Oògùn àti owó ilé ní ìṣirò tiwọn. Nítorí náà, kí owó oṣù tó lọ, ẹ pe Màmá Àgbà, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, gààrí, epo pupa, gáàsì àti oògùn wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà ni kí bàbá tó béèrè iye tí ríyàlì jẹ́.