Ṣàpèjúwe Rẹ̀ Ná, Kó O Tó Máa Wá A

Ká fi akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan ní Command, lọ́nà Ìpájà, ṣe àpẹẹrẹ. Ìpàdé àdúgbò ti pinnu pé kí wọ́n máa ti géètì òpópónà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Erékùṣù fi fárígá, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà kì í jẹ́ kí wọ́n tètè délé. Ìpàdé tún jókòó, wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ṣe ti aago mẹ́sàn-án mọ́. Ó wá ku kí akọ̀wé fi ìwé tó kánsù àti àgọ́ ọlọ́pàá létí lédè Òyìnbó. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà fún ohun tí ìpàdé yẹn ṣe. Ó ti kà á nínú ìwé ìròyìn rí. Lẹ́tà “re” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò gùn, kì í sì í ṣe “cancel”. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, kò kàn fẹ́ jáde ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á di ìró mú. Wọ́n á máa pe “re, re, re”, wọ́n á máa gbọn orí. Ohun tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn á ya wọlé: “repeal”, “revoke”, “retract”, “reverse”. Gbogbo wọn ló jọ èyí tí à ń wá, lójú àti lóhùn, bí wọ́n bá sì ti jókòó síbẹ̀ tán, wọ́n kì í jẹ́ kí èyí tí à ń wá ráyè kọjá. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbè lẹ́yìn ni pé ìtumọ̀ ló yẹ kéèyàn dì mú, kì í ṣe ìró. Kí ó ṣàpèjúwe ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, kí ó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn, kí ó sì ti ọ̀dọ̀ ìyẹn dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an. Èdè tó sì yẹ kí àpèjúwe yẹn kọ́kọ́ jẹ́ ni Yorùbá, bó bá jẹ́ pé Yorùbá ni onítọ̀hún fi ń ronú.

Ìwádìí wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1966, Roger Brown àti David McNeill, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ka ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n dárúkọ ọ̀rọ̀ tó ni ìtumọ̀ ọ̀hún. Àwọn tí ọ̀rọ̀ há sí lẹ́nu mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohun tó ju ìdajì ìgbà lọ, wọ́n sì sábà máa ń mọ iye sílébù rẹ̀. Èyí fi hàn pé ohun tí akọ̀wé wa rántí, pé “re” ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti pé kò gùn, kì í ṣe àlá. Ó yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ní ohun tó ju ìdajì ìgbà lọ ni lẹ́tà yẹn máa ń tọ̀nà, a jẹ́ pé ó máa ń tanni jẹ nígbà tó kù. Ẹ̀rí àtìlẹ́yìn ni lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́, kì í ṣe ilẹ̀kùn tó yẹ kéèyàn gbà wọlé.

Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn tẹra mọ́ ọn, pé ọ̀rọ̀ á jáde bó pẹ́ bó yá, náà ní ìdáhùn. Amy Beth Warriner àti Karin Humphreys ti Yunifásítì McMaster ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2008. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há sí ẹnìkan lẹ́nu, wọ́n á jẹ́ kí ó jìjàkadì fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí 30 kí wọ́n tó sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti jẹ́ kéèyàn pẹ́ lórí rẹ̀ ló tún wọ́pọ̀ jù láti há. Àṣìṣe ni ọpọlọ ń kọ́ ní gbogbo àsìkò ìjìjàkadì yẹn. Nítorí náà kò sí akin nínú kéèyàn máa lágun lórí ọ̀rọ̀ kan. Kí ó yára yí ọ̀nà padà.

Báwo ni àpèjúwe ṣe ń lọ? Bí ẹnìkan bá bi akọ̀wé wa léèrè pé kí ni ìpàdé ṣe, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé wọ́n wọ́gi lé e. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì tó, nítorí pé Yorùbá ń wọ́gi lé oríṣiríṣi nǹkan. Babangida wọ́gi lé ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, “annul” sì ni Òyìnbó pe ìyẹn. Àpèjúwe gbọ́dọ̀ lọ síwájú kan sí i: kí ni wọ́n wọ́gi lé, ta ló sì wọ́gi lé e? Ibí yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra ti ń yà kúrò lára ara wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ní àpẹẹrẹ gbogbo wọn nílé.

Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari ṣe Òfin Ìjọba Ológun Kẹrin, èyí tí wọ́n fi ju àwọn oníròyìn sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1985, nígbà tí Babangida gba ìjọba, wọ́n pa òfin náà rẹ́. “Repeal” nìyẹn: òfin ni wọ́n ń ṣe é sí, ẹni tó láṣẹ láti ṣòfin ló sì ń ṣe é. Ẹgbẹ́ onílé Command kì í ṣòfin. Bí akọ̀wé bá kọ “repeal”, ńṣe ló fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

“Revoke” ńkọ́? Onílé tó bá ní ìwé gómìnà lọ́wọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, àfi bí kò bá kà á. Abala 28 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ padà bí ìjọba bá nílò rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú. Ohun tí wọ́n ti fi fúnni ni wọ́n ń gbà padà: ìwé àṣẹ, ẹ̀tọ́, láísẹ́ǹsì. Ìpàdé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Retract” ní tirẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu, bí ìgbà tí ìwé ìròyìn bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. “Reverse” sún mọ́ ọn gan-an, kò sì sí ẹni tó máa bá akọ̀wé jà bó bá lò ó. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga tó yí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré padà ló sábà máa ń wá síni lọ́kàn. Èyí tó léwu jù ni “renege”. Òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “re”, kò gùn, ó sì jẹ mọ́ kéèyàn máà ṣe ohun tó ti sọ mọ́. Àmọ́ yíyẹ àdéhùn ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá kà á nínú ìwé náà á rò pé ẹgbẹ́ ń fi ara wọn sùn ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àpèjúwe akọ̀wé ti mú ṣáṣá: ìpinnu ni, àwùjọ kan ló ṣe é, àwùjọ yẹn kan náà ló sì fi àṣẹ tirẹ̀ wọ́gi lé e. Ìgbà yìí ni ìwé wúlò. Dókítà ìṣègùn kan, Peter Mark Roget, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1779, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ nípa ìtumọ̀ ní ọdún 1805. Ọdún 1852 ni ìwé rẹ̀, tẹsọ́rọ́ọ̀sì, tó jáde, ẹni ọdún 73 sì ni nígbà náà. Kì í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni. Ìwé atúmọ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni kó tó fúnni ní ìtumọ̀, ti Roget ń gba ìtumọ̀ kó tó fúnni ní ọ̀rọ̀. Abẹ́ ẹgbẹ̀rún kan orí ọ̀rọ̀ ló pín èdè sí, atọ́ka sì wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọn, kódà “cancel” lásán, ti tó láti wá nínú atọ́ka náà. Nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ àtijọ́, yóò gbé akọ̀wé dé orí 756, níbi tí “revoke”, “repeal”, “rescind”, “reverse” àti “retract” ti tò lé ara wọn lórí ìlà kan. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n: “rescind”.

Ẹni tí kò ní ìwé, tó sì ní dátà lórí fóònù, lè ṣe ohun kan náà lórí OneLook, tó máa ń gba àpèjúwe. Kí ó kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ nìkan:

```
cancel an official decision
```

Bí èsì bá pọ̀ jù ni kí ó tó fi lẹ́tà tó rántí kún un:

```
re*:cancel an official decision
```

Bó bá kọ́kọ́ fi “re” há a, tí ìrántí rẹ̀ sì ti tàn án, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ náà síta.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ máa ń fò. Kí inú dùn pé “òun nìyẹn!” kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí “revoke” náà lè mú inú ẹni dùn. Kí ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kí ó sì wo àpẹẹrẹ gbólóhùn tó wà níbẹ̀, pàápàá ohun tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Bó bá jẹ́ ìpinnu, àṣẹ tàbí àdéhùn ló ń tẹ̀ lé e, ọ̀nà là. Bó bá jẹ́ láísẹ́ǹsì tàbí òfin nìkan ni, kó padà sẹ́yìn. Bí gbólóhùn àpẹẹrẹ mẹ́ta bá kọ̀ láti gba “ìpinnu ìpàdé” wọlé, ọ̀rọ̀ mìíràn lèèyàn mú.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí kò kàn kọ “cancel”. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bó bá jẹ́ pátákó ẹnu géètì ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwé tó ń lọ sí ọ́fíìsì, tí ó lè di ẹ̀rí ní kóòtù lọ́jọ́ kan, yàtọ̀. Àwọn mìíràn, tí tíṣà pọ̀ nínú wọn, á ní fífi Yorùbá ronú ló ń ba Òyìnbó ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ṣe ìpàdé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Wọ́gi lé”, “kó ọ̀rọ̀ jẹ”, “yẹ àdéhùn”, “gba àṣẹ padà”: èdè náà ti ya àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ kí Òyìnbó tó dé ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá fò wọ́n ti sọ àwọn ààlà tó yẹ kó fi ṣọ́ra nù. Òkè kan ṣoṣo tí ọ̀nà yìí kò lè gùn ni ọ̀rọ̀ téèyàn kò mọ̀ rí: ìwé á gbé e síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní dá a mọ̀.

Bí ọ̀pọ̀ kò bá mọ ọ̀nà yìí, ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀sùn wà fún. Ìdánwò JAMB ní ìbéèrè 60 lórí Lílo Èdè Gẹ̀ẹ́sì, lára wọn sì ni àwọn tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n á ní kó mú èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú mẹ́rin. Ìdámọ̀ ni ìyẹn ń dán wò, kì í ṣe ìrántí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ níwájú ẹni. Ilé ẹ̀kọ́ àfikún tó kún Command dé Ayọ̀bọ̀ sì ń kọ́ ọmọ bí ìdánwò ṣe rí: àtòkọ ọ̀rọ̀ àti èkejì rẹ̀, kó há a sórí. Ọmọ tó há “rescind” àti “revoke” pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan náà yóò gba máàkì, yóò sì kọ ìwé tí kò tọ̀nà ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Kí àwọn tíṣà yí iṣẹ́ àmúrelé náà dà: kí wọ́n ka ìṣẹ̀lẹ̀ kan jáde ní Yorùbá, ẹni tó ṣe nǹkan àti ohun tó ṣe é sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó bá a mu, pẹ̀lú méjì tó fẹ́ bá a mu tí kò tọ̀nà, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀.