Ẹ pa ìwé dé ná

Ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, àwa tí a fi Faransé kàwé, ẹ gbọ́. Nínú ìdánwò ẹnu IELTS, ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì wà fún bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sétí, a ń sọ ọ́ tẹ̀lé e wéré, ṣùgbọ́n ojú wa ń bẹ lórí ìwé. Lójú tiwa, ìwé yẹn ló ń bà á jẹ́. Bí a bá ti rí lẹ́tà, a ó pe gbogbo rẹ̀ dọ́gba, a ó sì tẹ ìparí bíi ti Faransé.

Ẹni tó ń ya fọ́tò, "fọ̀tọ́gìràfà" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é: "tọ́" nìkan ló ga, ìyókù ń sáré kọjá. Etí wa mọ ohùn òkè, àbí?

Ìṣẹ́jú àáyá 20 ti tó. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹnu dé, kí ẹ hùn ún bí orin, kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ gba ohùn yín sórí fóònù. Bí tiyín bá pẹ́ kó tó parí, ẹ ti ń tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlù kan náà sọ gbólóhùn tiyín, torí olùdánwò ò ní bi yín ní ohun tí ẹ há sórí.