Ẹ Má Pín Iṣẹ́ Ẹni Tí Kò Lè Wá Bí Ẹran Iléyá

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Bó bá ku ọ̀la kí ẹgbẹ́ kan gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀ ní sẹ́mínà, ọ̀kan nínú wọn á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí Wásáàpù pé ibà ti dá òun dùbúlẹ̀, tàbí pé wọ́n ń pe òun nílé ní kíákíá. Àwọn tó kù á kí i kú àìsàn, wọ́n á sì ṣe ohun tó kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn: wọ́n á ka iye síláìdì rẹ̀, wọ́n á pín in dọ́gbadọ́gba. "Síláìdì 6 ni. Ìwọ mú méjì, kí n mú méjì, kí lágbájá náà mú méjì." Àgbájọ ọwọ́ la ṣáà fi ń sọ̀yà.

Èrò tèmi ni pé irú pínpín bẹ́ẹ̀ máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìwá ẹni náà lọ. Síláìdì kọ́ ni ẹni tí kò lè wá fi sílẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí apá tirẹ̀ ń ṣe nínú àlàyé gbogbo yín, iṣẹ́ yẹn ló ń wá ẹni tó máa ṣe é. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gé apá náà kù sí ìwọ̀nba tí àwọn apá yòókù gbára lé, kí ẹ wá gbé ìwọ̀nba yẹn fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáwẹ́lì méjì bá pàdé ní ààlà ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fún wọn, ìbéèrè á sì gba ìṣẹ́jú 10. Ẹni kìíní ló ni ìfáàrà àti àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ẹni kejì ló ni àrànmọ́, bí "ará ilé" ṣe ń di "aráalé". Ẹni kẹta ló ni ìpajẹ, bí "jẹ iṣu" ṣe ń di "jẹṣu". Ẹni kẹrin ló ni ohùn, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn orí fáwẹ́lì tí a pa jẹ, òun ló sì máa kádìí ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú 5 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹni kẹta ní òun ò ní lè wá.

Ká ní wọ́n pín síláìdì rẹ̀ sí mẹ́ta. Láàárín ìṣẹ́jú 5 péré, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa sọ̀rọ̀ lórí ìpajẹ. Ẹni kìíní tó ti parí ìfáàrà á tún padà dìde, kò sì ní í tíì fi bẹ́ẹ̀ lanu tí á fi tún jókòó. Èyí tó wá burú jù ni pé kò ní í sí ẹnì kankan nínú wọn tó ka apá náà láti òkè délẹ̀. Bí ìbéèrè bá dé lórí ìpajẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa wo ara wọn lójú.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni gígé. Síláìdì 6 náà rèé: oríkì ìpajẹ, àpẹẹrẹ ibi tí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ti lọ, àpẹẹrẹ ibi tí fáwẹ́lì kejì ti lọ, àríyànjiyàn àwọn onímọ̀, àti méjì lórí ìpajẹ kọ́ńsónáǹtì, bí "òtítọ́" ṣe ń di "òótọ́" àti bí "egúngún" ṣe ń di "eégún". Ẹ bi ara yín léèrè pé, bí a bá yọ èyí kúrò, ǹjẹ́ apá tó tẹ̀ lé e ṣì lè dúró? Apá ohùn kò lè dúró bí àwùjọ kò bá tíì rí fáwẹ́lì kan tó lọ. Nítorí náà oríkì àti àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan níwájú tí a ti nílò kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì ni àkòrí iṣẹ́ náà. Ẹ yọ síláìdì méjèèjì yẹn, ẹ sọ àríyànjiyàn di gbólóhùn kan, kí ẹ sì mú àpẹẹrẹ mẹ́rin péré: "jẹ iṣu" tó di "jẹṣu", "gé igi" tó di "gégi", "gbé ọmọ" tó di "gbọ́mọ", àti "ṣe iṣẹ́" tó di "ṣiṣẹ́". Síláìdì 3 ló kù.

Ta ni kó wá gbà á? Ọ̀pọ̀ ló máa dárúkọ ẹni kejì, nítorí pé àrànmọ́ àti ìpajẹ jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ẹni kẹrin ni èmi máa mú. Ẹ wo "rí igbá" àti "rí ìgbá". Nígbà tí a bá pa fáwẹ́lì "i" jẹ, "rígbá" là ń gbọ́ nínú méjèèjì. Ohun tó ń fi ìyàtọ̀ hàn ni pé ohùn ìsàlẹ̀ orí "ìgbá" kò bá fáwẹ́lì rẹ̀ lọ tán, ó máa ń fa ohùn "gbá" wálẹ̀ díẹ̀. Kò sí bí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé èyí kò ṣe ní í mọ fáwẹ́lì tó lọ àti èyí tó kù. Ìpajẹ ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni ìlànà tí mo rò pé ó yẹ ká máa tẹ̀ lé: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí apá tó sọnù ló yẹ kó gbà á, kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn jọ ọ́.

Ẹrù ẹni kẹrin ti wá wúwo báyìí, nítorí náà ẹ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé ìkádìí fún ẹni kìíní, torí òun ló béèrè ìbéèrè nínú ìfáàrà, ó sì bójú mu kó jẹ́ òun ló máa dáhùn rẹ̀. Ẹ gé àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ aṣáájú kù. Kí ẹni kejì máa yí síláìdì, kó máa ṣọ́ aago, kó sì jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ gba ìbéèrè. Àkókò á wá lọ báyìí: ìfáàrà 3, àrànmọ́ 5, ìpajẹ 4, ohùn 4, ìkádìí 1. Ìṣẹ́jú 17 nìyẹn. Ẹ má fi nǹkan kan dí ìṣẹ́jú 3 tó kù, nítorí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ máa ń falẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Bí ara ẹni tí kò lè wá bá gbà á, ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má ní kó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: fáìlì tó ṣe kẹ́yìn, ibi tó ti rí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, àti àpẹẹrẹ tí kò bá àwọn yòókù mu. Ìkẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá wo "jẹṣu" àti "gégi" wàràwàrà á sọ pé fáwẹ́lì "i" ló máa ń lọ nígbà gbogbo. Ẹnì kan á sì béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ṣiṣẹ́ ńkọ́?" Níbẹ̀, "i" dúró, "e" ara "ṣe" ló lọ. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti lè bá èyí pàdé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó sì ti mọ bó ṣe máa dáhùn. Ẹni tó jogún síláìdì kò tíì bá a pàdé rárá. Bí ó bá ká ohùn rẹ̀ sórí Wásáàpù fún ìṣẹ́jú 10 lórí irú nǹkan báyìí, ó sàn ju kí ẹ máa wo síláìdì di òru lọ. Bí àìsàn kò bá sì jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi. Ọ̀rọ̀ yòówù tí kò bá sí ẹni tó lè gbèjà rẹ̀ nínú yín, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá òjìji ohun tí ẹ gé. Síláìdì tó to àwọn apá iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ ṣì lè máa ṣèlérí ìpajẹ kọ́ńsónáǹtì. Ìkádìí ṣì lè máa sọ pé a ti jíròrò rẹ̀. Ẹni kejì ṣì lè ti há a sórí pé ẹni kẹta ló kàn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "kọ́ńsónáǹtì" nínú fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ẹni kejì sì kọ gbólóhùn tuntun tó máa fi gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni kẹrin, bíi: "Nínú àrànmọ́, fáwẹ́lì méjèèjì ṣì wà, ọ̀kan kàn yí padà ni. Ó kan ibi tí ọ̀kan ti ń lọ pátápátá." Ẹ wá fi aago dánra wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Bí ìpajẹ bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ yọ àpẹẹrẹ kan, ẹ má sáré sọ̀rọ̀. Bí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá kúrò lára síláìdì, ó túmọ̀ sí pé ohun tó wà níbẹ̀ ṣì pọ̀ jù fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní kò tọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 8 nígbà tí ẹlòmíràn sọ ti ìṣẹ́jú 4, pàápàá níbi tí olùkọ́ ti ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi tó olùkọ́ létí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an: ẹni tí kò lè wá, ohun tí ẹ yọ, àti ẹni tó gba ìyókù. Bó bá fẹ́ kí àkókò dọ́gba, á sọ. Kí orúkọ ẹni kẹta ṣì wà lórí síláìdì àkọ́kọ́, torí òun ló kó àpẹẹrẹ jọ. Níwájú àwùjọ, gbólóhùn kan tó fún un, kò sídìí fún ẹ̀bẹ̀ gígùn.

Ó níbi tí ọgbọ́n yìí mọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí kò lè wá nìkan ló lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì tíì gbọ́ ọ, kò sí pínpín tó máa gbà yín. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, tàbí kí ẹ sọ àkòrí yín di kékeré, kí ẹ sì gbé ìwọ̀nba tí ẹ mọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún yín níṣẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ apá tí tirẹ̀ dúró lé, kó sì ka apá náà bí ẹni pé òun ló máa sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó máa gbà á.