“Iná Ló Fà Á”: Èdè Ìròyìn Jàǹbá Lẹ́nu Iṣẹ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní òru kan nínú oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2002, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ọjà rọ́bà ní Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ni ó kú sínú rẹ̀. Iye wọn kò bára mu nínú àwọn ìròyìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn náà sọ: wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ohun tí ó pa wọ́n, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé iná ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni akọ̀wé tí ó bá ń to jàǹbá ọdún náà sínú ìwé yóò kọ ọ́ sí abẹ́ okùnfà: iná. Ilẹ̀kùn kò ní sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 1987 sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé-iṣẹ́, wọn kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn ní ọ̀nà tí ẹni tí ó wà nínú ilé kò fi ní lè tètè ṣí i. Ohun tí ó dá iná sílẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Ohun tí ó sọ iná di ikú jẹ́ ọ̀tọ̀. Ìwé tí ó fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún okùnfà ti sọ ọ̀kan nínú wọn nù kí akọ̀wé tó mú kálámù.

Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan a kọ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn a ka ìtàn náà, a sì yọ ohun mẹ́rin jáde nínú rẹ̀: okùnfà, ibi ìṣẹ̀lẹ̀, ìfarapa àti àtúnṣe. Bí wọ́n bá ti yọ wọ́n láti inú ọgọ́rùn-ún ìtàn, wọ́n lè kà wọ́n, kí wọ́n sì mọ ohun tí ń pọ̀ sí i àti ohun tí ń dín kù láti ọdún dé ọdún. Ìtàn tí ó ń ti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ Odogúnyàn àti Ẹ̀pẹ́ jáde, Yorùbá ni wọ́n sábà máa ń fi sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni alábòójútó fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi ìpààrọ̀ èdè yìí ni nǹkan ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà fún àwọn tí ń ṣe ọ̀rọ̀-ìperí.

Ọ̀rọ̀ náà “iná” ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iná ni èyí tí ń jó igi. Iná ni èyí tí ń gba inú wáyà kọjá. Iná náà sì ni ìmọ́lẹ̀ tí ó wà lójú àjà. Òṣìṣẹ́ tí ó bá wí pé “iná ló fà á” lè máa sọ ti gílóòbù tí ó kú ní ọ̀nà àtẹ̀gùn, tàbí ti wáyà tí ó bó, tàbí ti ọwọ́ iná tí ó bẹ́ jáde láti inú ààrò irin. Àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra rárá. Àwọn olùtúmọ̀ kan a máa rò pé òṣì èdè ni èyí, wọn a sì fẹ́ ṣẹ̀dá orúkọ mẹ́ta tuntun. Wọn kò fi etí sí ẹnu òṣìṣẹ́ tó. Yorùbá kò fi orúkọ pín iná. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó fi pín in. Iná jó o: ara rẹ̀ ni ó bó. Iná gbé e: ti inú wáyà ni. Iná lọ: òkùnkùn ṣú. Kò sí òṣìṣẹ́ kan ní Ìkòròdú tí yóò ṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú fún ara wọn. Ẹni tí ó bá ń wá okùnfà nínú ìtàn Yorùbá nípa kíkó orúkọ jọ, tí kò ka ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e, yóò kó òkùnkùn àti ìjóná sínú agbọ̀n kan náà.

Kí wọ́n mú ìtàn kan bí àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó lè ti ilé-iṣẹ́ irin jáde. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó: “Ní aago méjì òru, iná lọ. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ti gbé e, ọmọ iṣẹ́ náà ń kó irin kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ. Ó yọ̀ lórí epo tí ó dà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rọ mú, ẹ̀rọ sì gé e lọ́wọ́. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn yòókù kí wọ́n máa ṣọ́ra. Ó yẹ kí wọ́n fi irin ìbòrí bo ẹ̀rọ náà.”

Ohun tí ó sábà máa ń ti inú irú ìtàn báyìí jáde sínú ìwé ìkàsílẹ̀ ni èyí: okùnfà, àìwọ ìbọ̀wọ́, ìfarapa, ọwọ́, àtúnṣe, ìkìlọ̀. Ìkíní kò tọ́. Ní ẹ̀bá ẹ̀rọ tí ń yí, ìbọ̀wọ́ gan-an lè há sí ojú ẹ̀rọ, kí ó sì fa ọwọ́ wọlé, nítorí náà àìwọ̀ rẹ̀ kò lè jẹ́ okùnfà kí ẹnì kan tó wádìí irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́. Ó wọ inú ìwé nítorí pé òun nìkan ni ó ní “kò” nínú, ojú òǹkàwé a sì máa yára lọ sí ibi tí ẹ̀bi bá wà. Okùnfà gidi wà nínú gbólóhùn tí ó ṣáájú: yọ̀, di mú, gé. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà tò tẹ̀ léra bí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, èdè Yorùbá sì mọ irú ìtòtẹ̀léra báyìí í ṣe ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. Bí òǹkàwé bá fa ilà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí ó sì bèèrè ohun tí ó mú un ṣẹlẹ̀, yóò rí epo tí wọn kò nù, yóò rí ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí. Iná tí ó lọ nìkan ni ìtàn náà kò so mọ́ ohunkóhun. Jẹnẹrétọ̀ ti gbé e kí ọmọ náà tó yọ̀. Ẹni tí ó bá kọ “iná” sí okùnfà níhìn-ín ti fi ti ara rẹ̀ kún un.

Ti ọwọ́ wá ńkọ́? Ọwọ́ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ láti èjìká dé orí ìka. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti itan dé gìgísẹ̀. Nínú ètò tí àpérò àwọn onímọ̀ ìṣirò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fi lélẹ̀ lábẹ́ Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní 1962, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1998, irú ọgbẹ́ àti ojú ibi tí ó wà lára jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìka àti apá kò sì sí ní ìlà kan náà. Ìdí wà fún un: ẹ̀rọ tí ń gé ìka àti èyí tí ń ṣẹ́ apá kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Yorùbá kò ṣàìní àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìka, àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́, apá, èjìká: ọ̀kan kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìwé tí wọ́n ń fún alábòójútó ni kò bèèrè wọn. Bákan náà ni “ó fara pa”, tí ó bo ọgbẹ́, ìjóná, eegun tí ó dá àti oríkèé tí ó yẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá padà bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ìtàn náà, gbólóhùn kan ni yóò fi dáhùn. Bí ó bá di oṣù mẹ́fà, kò sí ẹni tí yóò rántí mọ́.

Ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó wá ń da àwọn ará Ẹ̀pẹ́ láàmú jù. Ní èbúté tí wọ́n ti ń kó yanrìn ọ̀sà, ọkọ̀ ni èyí tí ń gbé yanrìn bọ̀ láti orí omi, ọkọ̀ náà sì ni típà tí ń gbé e lọ sí ojú títì. “Ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ní èbúté”: ṣé ọkọ̀ omi ni ó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi èbúté ni, àbí típà ni ó fi ẹ̀yìn rìn gun orí rẹ̀? Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ okùn àti ohun rírọ̀ tí yóò gba ọkọ̀ dúró. Ti èkejì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa darí awakọ̀. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ láìsí àmì, ọkọ̀ lè di oko, èbúté a sì di oko àgbàdo lójú ẹni tí ó bá jókòó sí ọ́fíìsì ní Ìkẹjà. Kò pọn dandan láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan níhìn-ín. “Ọkọ̀ omi” àti “típà” ti wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ìwé náà kọ̀ láti gba “ọkọ̀” lásán.

Ó ku àtúnṣe, tí wọ́n ń gbójú fò jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ irin yẹn, gbígbé lọ sí ọsibítù jẹ́ ìtọ́jú. Kò yí ohunkóhun padà ní ibi iṣẹ́. Ìkìlọ̀ ti wáyé, “ti” fi hàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n epo ṣì wà nílẹ̀. Ìbòrí ẹ̀rọ nìkan ni àtúnṣe gidi, òun sì ni ó wà lábẹ́ “ó yẹ kí”. Kò tíì sí. Ìwé tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun tí wọ́n ti ṣe yóò jẹ́ kí ọ̀gá gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ náà ti ní ìbòrí, ọmọ iṣẹ́ kejì yóò sì yọ̀ sí ibẹ̀ kan náà. Nítorí náà, ojú ìlà méjì ni ó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún àtúnṣe, ọ̀kan fún “wọ́n ti”, ọ̀kan fún “ó yẹ kí”, kí ọjọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkíní.

Àwọn kan yóò sọ pé kí wọ́n kàn tú àkójọ ọ̀rọ̀ ti àwọn Òyìnbó sí Yorùbá, kí ìjà parí. Wọn kò rí ewu kan. Bí ìwé ọdún yìí bá fi “iná” kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí ti ọdún tí ń bọ̀ sì pín in sí mẹ́ta, jàǹbá iná yóò dà bí ẹni pé ó já wálẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyọ wáyà kan tí wọ́n tún ṣe. Òmíràn tún wà. Òfin 1987 ní kí wọ́n fi tó alábẹ̀wò létí bí jàǹbá bá pa ènìyàn, tàbí tí kò bá jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó ń gba owó rẹ̀ ní kíkún fún ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí ó padà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì, lè má wọ inú ìwé alábẹ̀wò rárá. Kò sí ọ̀rọ̀-ìperí tí ó lè yọ ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kọ, tí ó bá sọ pé iná ló fà á, ó yẹ kí ẹni tí ó ń gbà á sílẹ̀ bèèrè bóyá ó jó o ni, bóyá ó gbé e ni, tàbí ó lọ. Kí ó sì tún bèèrè bí ilẹ̀kùn ti wà.