Lẹ́tà kọ́ ló ń sọ ṣíbí di fàdákà: ẹ yé tan àwọn màmá wa jẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín fídíò yẹn mọ́. Èyí tí wọ́n ti ń sọ pé bí ẹ bá yí ṣíbí àtijọ́ dà, tí ẹ rí lẹ́tà lẹ́yìn rẹ̀, fàdákà gidi lẹ rí yẹn. Ó ti dé gbogbo gúrúùpù Wásáàpù tí mo wà ní Bọ́lọ́rundúró níbí. Ní báyìí, àwọn kan ń fi owó fàdákà ra ohun tí kì í ṣe fàdákà. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé àwọn màmá kan ń kó fàdákà gidi fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù, torí lẹ́tà ẹyọ kan péré ló wà lẹ́yìn tiwọn, fídíò sì ti kọ́ wọn pé bí lẹ́tà bá ṣe pọ̀ tó ni fàdákà ṣe mọ́ tó.

Irọ́ ni. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló sún mọ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pọ̀ jù nínú àpótí àwọn ìyá àgbà wa, àwọn ṣíbí tí owó kòkó rà nígbà náà lọ́hùn-ún. Lẹ́tà mẹ́rin ló máa ń wà lẹ́yìn wọn: EPNS. E àti P ń sọ pé iná mànàmáná ni wọ́n fi bu fàdákà lé e lára. N àti S ni orúkọ ohun tó wà nínú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní "fàdákà níkẹ́lì". Orúkọ lásán nìyẹn o! Bàbà, síńkì àti níkẹ́lì ni wọ́n yọ́ pọ̀, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀. Fàdákà tó wà lójú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ilé iṣẹ́ Elkington ní Bàmíńgáàmù ló gba àṣẹ iṣẹ́ yìí ní 1840, àtìgbà náà ni ayé sì ti ń jẹun pẹ̀lú ṣíbí tó ń dán bíi fàdákà lówó pọ́ọ́kú.

Mi ò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni bí wọ́n ṣe tẹ àwọn lẹ́tà náà. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kékeré tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́nà àtijọ́ bíi lẹ́tà Bíbélì ayé ọjọ́un. Kí ló dé? Kí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé òǹtẹ̀ ìjọba ni. A1 tí ẹ tún ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fún ara rẹ̀ ní máàkì yẹn, fún bí fàdákà ojú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Kò sọ nǹkan kan nípa pé fàdákà ni.

Ẹnìkan á sọ pé òun fi òòfà dán an wò, òòfà ò fà á. Ẹ̀gbọ́n mi, òòfà kì í fa fàdákà, kì í sì í fa EPNS náà. Ìdánwò yín ò sọ nǹkan kan. Ẹ yí ṣíbí náà dà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀, ibi tó máa ń fi jókòó lórí tábìlì, kí ẹ sì wo ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Bí awọ fàdákà bá ti bó níbẹ̀, tí àwọ̀ míì tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí idẹ yọjú, ọ̀rọ̀ ti parí. Fàdákà gidi lè jẹ, àmọ́ fàdákà náà lẹ ó máa rí títí.

Ó yá, kí wá ló ń sọ pé fàdákà ni? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹranko ni, kì í ṣe lẹ́tà. Kìnnìún kékeré kan tó ń rìn lọ sọ́wọ́ òsì, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Láti 1544 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n dán an wò, wọ́n sì rí i pé nínú ìdá 1000, ó kéré tán 925 jẹ́ fàdákà. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, kó lè le. Ẹni tó ṣe ṣíbí kọ́ ló ń tẹ kìnnìún náà. Ilé ìdánwò ló ń tẹ̀ ẹ́. (Sikọ́tíláǹdì ní àmì tirẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń kọ STERLING gbọọrọ. Ẹ má fi kìnnìún dá wọn lẹ́jọ́.)

Lẹ́yìn kìnnìún ni àmì ìlú. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀n (kì í ṣe àwọn Àmọ̀tẹ́kùn tiwa tó ń ṣọ́ ọ̀nà o), ìdákọ̀ró ni ti Bàmíńgáàmù. Ìgbà yìí ni lẹ́tà ẹyọ kan yẹn tó wúlò. Ọjọ́ orí ló ń sọ. Ní Lọ́ńdọ̀n, títí di 1974, ọdọọdún ni wọ́n máa ń pààrọ̀ lẹ́tà, láti A dé U, wọ́n á fo J. Ogún ọdún nìyẹn. Bó bá parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti A, wọ́n á sì yí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ padà.

Ẹ jẹ́ ká fi K ńlá ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ rí kìnnìún, ẹ rí àmọ̀tẹ́kùn, ẹ rí K. K ńlá ti Lọ́ńdọ̀n lè jẹ́ 1805, ó lè jẹ́ 1885, ó sì lè jẹ́ 1945. Ogóje ọdún ló wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn! Lẹ́tà nìkan ò lè yà wọ́n fún yín, àwọn àmì tó yí i ká ni ẹ máa bi. Ṣé àmọ̀tẹ́kùn dé adé? Wọ́n bọ́ adé yẹn lórí rẹ̀ ní 1821, nítorí náà bó bá dé e, 1805 ni. Bí kò bá dé e, ẹ wá orí ènìyàn kékeré kan. Orí ọba tàbí ọbabìnrin ni, láti fi hàn pé wọ́n ti san owó orí fàdákà fún ìjọba, 1784 sí 1890 ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí obìnrin tó kọjú sí òsì, Fìtóríà ni, 1885 nìyẹn. Bí kò bá sí orí kankan, 1945 lẹ mú dání. Bàmíńgáàmù ní tábìlì tirẹ̀, K tiwọn kì í ṣe K Lọ́ńdọ̀n. Àfi láti 1975 ni gbogbo wọn tó jọ ń lo lẹ́tà kan náà. Ẹni tó bá rí lẹ́tà tó sì sọ ọdún fún yín láì bèèrè ìlú, ẹ sá fún un.

Ẹ wá wo ohun tí oníkóńdẹ́ẹ̀mù ń gbé lọ. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó ní kìnnìún, tó wọn 60 gíráàmù, ní fàdákà gíráàmù 55.5 nínú. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ìkòkò jíjó!

Ẹ̀yin tó ń tà, ẹ pe EPNS ní EPNS. Ṣíbí dáadáa ni, ó ń jẹun, ó ní owó tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ń bá màmá yín tún àpótí ṣe, ẹ má fi eérú àti yanrìn ha ẹ̀yìn ṣíbí kó lè dán. Òǹtẹ̀ náà lẹ ń ha kúrò yẹn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ẹ sún fóònù mọ́ ọn kí gbogbo àmì rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kìnnìún, ìlú, lẹ́tà, àti orí bó bá wà. Ẹni tó bá fi lẹ́tà nìkan ránṣẹ́, mi ò ní fèsì.