Ẹ Yé Fi Àwọ̀ Wíìtì Tan Alátọ̀gbẹ

Ẹni tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà rẹ̀ ti ga kì í pẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan, ì báà jẹ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, lẹ́nu aládùúgbò tàbí lẹ́nu ẹni tó jókòó tì í nínú mọ́tò: "Màmá, ẹ fi iyán sílẹ̀, ẹ̀bà náà kò dáa fún yín mọ́, wíìtì ni kẹ́ ẹ máa jẹ." Màmá á dúpẹ́. Á ra ìyẹ̀fun wíìtì tó pupa rúsúrúsú, á rò ó, á wé e sínú ọ̀rá ní méjì ràgàjì, á sì fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́ tẹ́rùn, torí wọ́n ti ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ ni. Bí ó bá gún ìka wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, tí ẹ̀rọ sì kọ iye tó ga fíofío, oògùn ni wọn á dá lẹ́bi. Àwọn ọmọ tiẹ̀ lè ní Màmá ń yọ́ nǹkan jẹ.

Ìmọ̀ràn yẹn ló yẹ kí wọ́n dá lẹ́bi. Ó dárúkọ oúnjẹ, kò sọ bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́, kò sọ irú fáíbà tó wà nínú rẹ̀, kò sì sọ iye tó yẹ kó wà lórí àwo. Ará àdúgbò tó ń sọ ọ́ kò jẹ̀bi, ohun tó gbọ́ ló ń tún sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé nípa oúnjẹ kò ní àwáwí, nítorí ìwádìí tó já irú ìmọ̀ràn yìí nírọ́ ti wà nílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó wọ iléèwé.

Ní 1981 ni David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní jí-áì. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́ kò ṣòro yé. Wọ́n á kó èèyàn bíi mẹ́wàá jọ tí wọn kò tíì jẹun láti alẹ́ àná. Wọ́n á fún oníkálukú ní oúnjẹ tí sítáàṣì àti ṣúgà tí ara lè lò nínú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 50, wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n á sì yàwòrán bí ṣúgà ṣe gòkè àti bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn èèyàn kan náà á mu gíráàmù 50 gúlúkóòsì. Ti gúlúkóòsì ni wọ́n fún ní 100, òun ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n gbogbo oúnjẹ yòókù. Èyí tó bá wà ní 55 wálẹ̀, wọ́n ní ó kéré. Èyí tó bá tó 70, wọ́n ní ó ga.

Nínú àkójọ ńlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 láti inú ọ̀pọ̀ ìwádìí irú èyí, búrẹ́dì funfun gba 75. Búrẹ́dì pupa, tí wọ́n fi àlìkámà, ìyẹn wíìtì kan náà, tí a lọ̀ tèèpo-tèèpo ṣe, gba 74.

Ẹyọ kan ṣoṣo! Owó tí wọ́n ń fi lé ti búrẹ́dì pupa kì í sì í ṣe owó ẹyọ kan.

Inú ẹ̀rọ ìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nínú odindi hóró àlìkámà, àwọn àpò kéékèèké tí ògiri wọn le ni sítáàṣì wà. Omi tó ń da oúnjẹ nínú ìfun ní láti wá ọ̀nà gba ara ògiri yẹn wọlé kó tó lè sọ sítáàṣì di ṣúgà, ìyẹn sì máa ń gba àkókò. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, ògiri ti wó. Èèpo kò kúrò nínú ìyẹ̀fun o. Bí ẹ bá gbé e lọ wọ̀n, iye fáíbà rẹ̀ á pé pérépéré. Ṣùgbọ́n àfọ́kù ògiri ni, ó kàn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù tó yẹ kó máa ṣọ́.

Kenneth Heaton àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn kedere ní 1988. Wọ́n se àlìkámà ní ọ̀nà mẹ́rin: odindi hóró, hóró tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun tó ṣe ṣákaṣàka, àti ìyẹ̀fun kíkúnná. Lẹ́yìn táwọn èèyàn jẹ ẹ́, wọ́n wo ínsúlíìnì, ìyẹn omi ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Odindi hóró ló mú un jáde níwọ̀nba jù lọ, bí wọ́n sì ṣe ń lọ̀ ọ́ kúnná sí i bẹ́ẹ̀ ni ara ń tú u jáde sí i. Ọkà kan náà ni, fáíbà kan náà ni, ọlọ nìkan ló yí padà. Àgbàdo náà ṣe irú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó kan òòtì, wọ́n lọ̀ ọ́ títí, ìyàtọ̀ kò sí.

Ọ̀rọ̀ òòtì yìí ni àwọn agbẹnusọ wíìtì kì í fẹ́ dúró lé lórí. Wọ́n á ní fáíbà ni fáíbà ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ irú méjì ló wà tí iṣẹ́ wọn kò jọra. Èyí tó pọ̀ jù nínú èèrí àlìkámà kì í yòrò nínú omi. Ó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ó ń jẹ́ kí ìfun ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dí ọ̀nà mọ́ ṣúgà lọ títí. Èyí tó wà nínú òòtì, tí wọ́n ń pè ní béta-gúlúkáànì, máa ń yòrò, á sì ki bí ọbẹ̀ tó ń fà. Kíkì yẹn ló ń ṣiṣẹ́: oúnjẹ kò tètè kúrò nínú ikùn, ṣúgà kò sì rìn geere dé ara ìfun.

Ṣé kíkì ni lóòótọ́, àbí nǹkan mìíràn nínú fáíbà náà? Jenkins ti béèrè bẹ́ẹ̀ ní 1978, kó tó di pé ó gbé jí-áì jáde rárá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po gíráàmù 50 gúlúkóòsì mọ́ omi, wọ́n fi oríṣiríṣi fáíbà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, èèrí àlìkámà wà nínú wọn, wọ́n sì fún àwọn èèyàn mu. Èyí tó ki jù lọ, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rí lára ẹ̀wà kan tó ń jẹ́ gúà, ló dá ṣúgà dúró jù lọ. Wọ́n wá fọ́ gúà yẹn sí wẹ́wẹ́ débi tí kò fà mọ́. Gúà ṣì ni lórúkọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lórí ṣúgà lọ.

Ilé Yorùbá mọ fífà dáadáa, nítorí náà ó yẹ kí ẹnu kán èèyàn láti pariwo ilá àti ewédú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Òótọ́ ni pé fáíbà tó ń yòrò ló ń mú wọn fà, ó sì sàn kí wọ́n wà lórí àwo ju kí wọ́n má sí. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú ìgbàkọ ewédú kan. Àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé kí èèyàn tó lè fi béta-gúlúkáànì òòtì yangàn lórí ṣúgà, gíráàmù 4 rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá gbogbo gíráàmù 30 sítáàṣì inú oúnjẹ náà rìn. Bíi 4 yẹn náà ló wà nínú gíráàmù 100 òòtì, tí sítáàṣì inú rẹ̀ sì ti lé ní 50. Òòtì fúnra rẹ̀ kò kúnjú ìwọ̀n! Ẹni tó bá wá wọ́n ṣíbí òòtì kan sórí òkèlè wíìtì ńlá, ọkàn ara rẹ̀ ló ń tù.

Àwọn alátakò ní ìdáhùn kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń jẹ ọkà tèèpo-tèèpo fún ọdún pípẹ́ kì í sábà ní àtọ̀gbẹ bí àwọn tó ń jẹ funfun. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé kí wọ́n padà sí búrẹ́dì funfun. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè Màmá. Ó ti ní àtọ̀gbẹ tán. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí oúnjẹ ọ̀sán òní máa ṣe kí agogo mẹ́rin tó lù. Ẹni tó fi ìdáhùn ogún ọdún dá a lóhùn kò dá a lóhùn.

Ẹ̀lúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Sítáàṣì tí ìfun kì í lè dà tètè pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí kò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n iná àti omi gbígbóná máa ń mú kí púpọ̀ nínú rẹ̀ wú, á sì di èyí tó rọrùn láti dà. Ohun tí wọ́n ń yìn wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí igi. Ohun tí Màmá ń jẹ ti kọjá nínú ìkòkò.

Iye tó wà lórí àwo ló wá kù, òun sì ni ìmọ̀ràn yẹn fò jù lọ. Ká sọ pé gíráàmù 150 ìyẹ̀fun wíìtì ni Màmá rò. Nínú gíráàmù 100, bíi 60 ni sítáàṣì tí ara lè sọ di ṣúgà, nítorí náà 90 ló wà níwájú rẹ̀. Ká tilẹ̀ ṣojúure fún wíìtì, ká ní jí-áì rẹ̀ kò ju 60 lọ. Ẹ fi 60 sọ 90 di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 100 pín in: 54. Èyí ni wọ́n ń pè ní ẹrù ṣúgà, òṣùwọ̀n tí Walter Willett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard mú wá ní 1997, oúnjẹ tó bá sì ti tó 20 ni wọ́n ń kà sí ẹrù wúwo. Ẹ wá gbé iyán kékeré kan kalẹ̀ tí sítáàṣì inú rẹ̀ jẹ́ 40, kẹ́ ẹ sì fi ìkà fún un ní jí-áì 80. Ẹrù rẹ̀ jẹ́ 32. Iyán tí wọ́n lé kúrò nílé fúyẹ́ ju wíìtì méjì tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Àwo ẹ̀wà sísè níwọ̀n gíráàmù 150, tí sítáàṣì inú rẹ̀ jẹ́ bíi 21, kò ju 8 sí 9 lọ bí jí-áì rẹ̀ bá jẹ́ 40, nítorí hóró rẹ̀ ṣì wà lódindi pẹ̀lú ògiri àpò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da gàrí lé e lórí kó tún máa ka ìṣirò yìí o.

Àwọn nọ́ńbà yìí náà ní ibi tí agbára wọn pin sí. Ní 2016, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti fún èèyàn 63 ní búrẹ́dì funfun jẹ léraléra. Jí-áì rẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn ní nǹkan bíi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yàtọ̀ ní bíi 20 nínú ara ẹnìkan ṣoṣo láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Ẹran, òróró àti ọbẹ̀ tó bá a wọlé tún máa ń yí i padà. Àwọn kan gbé èyí sókè bí ìdí láti da gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n padà sí "ẹ máa jẹ wíìtì". Ohun tí ìwádìí náà sọ yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá: nọ́ńbà inú ìwé kò lè rọ́pò ẹ̀rọ tó wà nínú àpò Màmá.

Kí onímọ̀ oúnjẹ ní kí Màmá mú ìwé kékeré kan. Kó gún ìka kó tó jẹun, kó tún gún un ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, kó kọ iye méjèèjì, kó sì kọ ohun tó jẹ àti iye ìgbàkọ tó bù. Ẹgbẹ́ Àtọ̀gbẹ ti Amẹ́ríkà ní kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ má jẹ́ kí ṣúgà tó 180 mg/dL láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà lè yan iye mìíràn fún ẹni tó ti dàgbà gan-an. Lọ́sẹ̀ kan kó jẹ wíìtì ìgbàkọ méjì, lọ́sẹ̀ kejì ìgbàkọ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja tó pọ̀ sí i, lọ́sẹ̀ kẹta iyán tí kò ju ìgbàkọ kan náà lọ, kó má sì fọwọ́ kan oògùn rẹ̀ láìbi dókítà. Bó bá gbé ìwé yẹn padà wá, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì yóò ní láti kà á kó tó dárúkọ oúnjẹ kankan fún un.