Àròpọ̀ Pé, Ipò Bára Mu, Síbẹ̀ Ìwé Máàkì Náà Kò Tọ́

Bí wọ́n bá gbé ìwé máàkì ìdíje iṣẹ́ àgbàṣe síwájú ọ̀pọ̀ nínú wa, àròpọ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ìwọ̀n pé 100? Ṣé ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù ló wà ní ipò kìíní? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti fẹ́ buwọ́ lù ú. Lójú tèmi, àyẹ̀wò yìí kò tó.

Ẹ jẹ́ ká mú yíyan iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lọ́nà tí Báńkì Àgbáyé ń gbà ṣe é, níbi tí wọ́n ti ń wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti owó pọ̀. Ká ní ìwé ìpè sọ pé ìmọ̀ iṣẹ́ gba 80, owó gba 20, ẹni tí kò bá sì ní 70 nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ti já. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló wá. A ní 89, ó béèrè mílíọ̀nù 24 náírà. B ní 80, ó béèrè mílíọ̀nù 15. D ní 68, nítorí náà ó já. Mílíọ̀nù 12 ló kọ.

Láti rí máàkì owó, a ó fi iye tí oníkálukú béèrè pín iye tó kéré jù, a ó sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Ẹni tó ṣe ìwé náà kọ èyí sórí kọ̀ǹpútà láti mú iye tó kéré jù:

```
=MIN(C2:C4)
```

Ìlà kẹrin yẹn ni D wà. Mílíọ̀nù 12 ló wá di ìpìlẹ̀: A gba 50, B gba 80. Àpapọ̀ A jẹ́ 81.2, ti B jẹ́ 80. Ìwọ̀n pé, àròpọ̀ tọ́, ipò bára mu, A sì gba iṣẹ́.

Ẹ yọ D kúrò, kí ìpìlẹ̀ di mílíọ̀nù 15. B á gba 100, A á gba 62.5. Àpapọ̀ A di 83.7, ti B di 84. B ló yẹ kó gbaṣẹ́! Ìdí ni pé ìpìlẹ̀ tó kéré ń gé máàkì owó gbogbo wọn ní ìdá márùn-ún kan náà, ẹni tí máàkì owó rẹ̀ pọ̀ ló sì ń pàdánù jù. B pàdánù 4, A pàdánù 2.5 péré.

Àmì rẹ̀ kò pamọ́. Láàárín àwọn tó yege, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù gbọ́dọ̀ ní 100. Bí kò bá sí ẹni tó ní 100 nínú wọn, owó ẹnìkan tó ti já wà níbẹ̀. (Ẹ tún bi ìgbìmọ̀ léèrè bí wọ́n ṣe mọ iye tí D kọ, nígbà tó yẹ kí wọ́n dá àpòòwé owó rẹ̀ padà láìṣí i.)

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìyàtọ̀ 0.3 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ 83.7 di odidi, ó di 84, A àti B á wá wà ní ọgbọọgba. Nítorí náà, inú máàkì oníkálukú àti ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ìpè ni kí alàyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, kó ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan ẹ̀sún lẹ́yìn àmì títí ipò á fi jáde.